Bí Ẹ Ṣe Máa Dá Búrókà Ayédèrú Mọ̀ Kí Owó Yín Tó Dé Ọwọ́ Rẹ̀

Lẹ́yìn tí CBEX, ètò ìdókòwò orí ayélujára kan, ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn èèyàn ní oṣù kẹrin ọdún 2025, mo rò pé àwa ará Èkìtì á sinmi díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó tó ń di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan. A ò sinmi. Aṣọ ni wọ́n pààrọ̀. Èyí tí wọ́n ń gbé kiri báyìí ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́, títí dé Ìkọ̀lé, kì í pe ara rẹ̀ ní ìdókòwò mọ́. Búrókà, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń bá èèyàn ra owó ilẹ̀ òkèèrè tàbí góòlù tó sì ń bá a tà á, ló ń pe ara rẹ̀. Ó ní ápù, ó ní ṣáàtì tó ń lọ sókè sódò, ó sì ní ọ̀gá kan tó ń pín sígínà lórí Tẹligíráàmù láràárọ̀.

Èmi fúnra mi ń ṣe tírédì, mo sì ń tún fóònù ṣe ní Adó, nítorí náà fóònù àwọn èèyàn máa ń dé ọwọ́ mi pẹ̀lú ìbéèrè kan náà: ṣé ti òótọ́ lèyí? Bí mo ṣe ń wò ó ni mo fẹ́ kọ síbí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fóònù tó ní dátà ló ṣe pàtàkì, ọ̀pọ̀ nínú àyẹ̀wò náà kò sì ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ.

Kí ó lè yé wa dáadáa, màá máa fi ọ̀rọ̀ màmá kan ṣe àpẹẹrẹ. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, Ìkẹ́rẹ́ ló ń gbé. Ọmọ kan tó kọ́ níwèé nígbà kan ló fi í sínú ẹgbẹ́ Wáàsáàpù kan. Nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ó yọ ₦450,000, wọ́n ṣẹ́ ẹ sí dọ́là ní ₦1,500, ó di $300. Èrè ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́sẹ̀ ni wọ́n ṣèlérí fún un, wọ́n ní ó dájú. Lẹ́yìn ogún ọ̀sẹ̀, ápù náà ń fi $2,018 hàn án. Kò gbé fóònù wá nítorí pé ó ń fura. Ohun tó bi mí ni pé, "Ọmọ mi, ṣé n lè yá owó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí n fi kún un?"

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó ná."

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣe ìṣirò èrè náà dé ìparí ọdún

Ìdá 10 lọ́sẹ̀ kì í ya èèyàn lẹ́nu tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, pàápàá tó bá ti gbọ́ ìlọ́po méjì lóṣù tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lọkàn rẹ̀ ń wò. Ẹ gbé ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù yín jáde, kí ẹ wo ọ̀sẹ̀ 52:

```
450000 × 1.1^52 ≈ 63,900,000
```

Èyí túmọ̀ sí pé owó ìfẹ̀yìntì díẹ̀ tí màmá fi síbẹ̀ á di nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rìnlélọ́gọ́ta náírà láàárín ọdún kan, láìṣe ohunkóhun. Ní 2024 tí èlé ga gan-an ní Nàìjíríà, ìwé gbèsè ọlọ́dún kan tí ìjọba àpapọ̀ ń tà, èyí tí wọ́n ń pè ní tírẹ́ṣọ̀rì bìlì, kò fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ àwọn tó rà á lọ́dún. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń rí ìdá 10 lọ́sẹ̀ kò nílò màmá. Báńkì ni ì bá lọ yáwó, kó san èlé báńkì tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn, kó sì kó ìyókù sápò.

Ọ̀rọ̀ náà "ó dájú" tún wà níbẹ̀. Ní 2018, ESMA, àjọ tó ń mójú tó ọjà owó nílẹ̀ Yúróòpù, kéde pé láàárín ìdá 74 sí 89 nínú ọgọ́rùn-ún ákáǹtì àwọn oníbàárà kéékèèké tó ń ta CFD, ìyẹn irú tírédì tí búrókà ń yá yín lówó kún tiyín láti ṣe, ló ń pàdánù. Ọ̀dọ̀ àwọn búrókà tó ní láìsẹ́ńsì ni wọ́n ti rí iye yẹn o. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i tí àwọn búrókà Yúróòpù gidi ń kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ wọn pé ìdá báyìí nínú oníbàárà àwọn ló ń pàdánù owó. Ayédèrú kì í sábà kọ irú ẹ̀.

Lẹ́yìn ìṣirò, ẹ ṣí ibi tí ápù náà ń kọ ìtàn ákáǹtì sí, kí ẹ wo bí owó náà ṣe ń gòkè. Ohun tí mo rí lórí fóònù màmá nìyí: $300, $330, $363, $399.30, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ fún ogún ọ̀sẹ̀. Kò sí ọ̀sẹ̀ tó pàdánù kọ́bọ̀, kò sí ọ̀sẹ̀ tó jẹ́ ìdá 9 tàbí 11. Ọjà kì í rìn báyẹn. Ẹni tó mọ tírédì jù lọ láyé máa ń ní ọ̀sẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń jóná. Nọ́ńbà tó bá ń gun àtẹ̀gùn ní ìṣísẹ̀ kan náà, ẹnì kan ló jókòó tì í tó ń tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, tàbí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti sọ fún pé kó máa fi ìdá 10 kún un lọ́jọ́ Àìkú. Lójú tèmi, èyí nìkan tó láti dá ọ̀rọ̀ náà lẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹni tó ti nífẹ̀ẹ́ $2,018 kò ní gbà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ bi ọlọ́jà sígínà bí òun ṣe ń rí owó tirẹ̀

Sígínà ni ìsọfúnni tí ẹnì kan fi ń ránṣẹ́ pé ẹ ra èyí, ẹ ta tọ̀hún, ẹ jáde níbí. Àwọn kan ń gba ₦25,000 lóṣù lórí ẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ ló máa ń lóró jù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọgbọ́n àtijọ́ kan tí àwọn tó ń gbowó ń lò, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á búra pé wòlíì ni ọkùnrin náà. Ó ní èèyàn 800 nínú ìwé nọ́ńbà rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ó ránṣẹ́ sí 400 pé góòlù á gòkè, ó ránṣẹ́ sí 400 yòókù pé á já wálẹ̀. Èyí tó wù kó ṣẹlẹ̀, 400 ti rí i pé ó sọ òótọ́. Ó gbàgbé àwọn tó kù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó pín 400 náà sí méjì, ó tún ṣe bákan náà. Ó ku 200. Lọ́jọ́rú, ó ku 100. Ọgọ́rùn-ún èèyàn yìí ti rí ọkùnrin kan tó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tó sì ṣẹ lẹ́ẹ̀mẹta, láìmọ̀ pé ẹlòmíràn gba òdìkejì rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà. Tí gbogbo wọn bá san ₦25,000, ₦2,500,000 ló wọlé, kò sì mọ ohunkóhun nípa góòlù.

Lórí Tẹligíráàmù, kò tilẹ̀ ní láti ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni ṣánẹ́ẹ̀lì lè pa èyí tí kò ṣẹ rẹ́, ó sì lè padà sórí èyí tó ti kọ láàárọ̀ kó tún un ṣe nírọ̀lẹ́. Tó bá tún un ṣe, ọ̀rọ̀ kékeré kan máa ń hàn lẹ́bàá aago rẹ̀: `edited`. Ẹ máa wò ó. Ti pípa rẹ́ kò ní hàn, nítorí náà tí ẹ bá fẹ́ dán ẹnì kan wò, ẹ ya àwòrán ojú fóònù ní gbogbo ìgbà tó bá fi sígínà sílẹ̀, kí ọjà tó rìn. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ fi àwòrán yín wé ohun tó kù lójú ṣánẹ́ẹ̀lì rẹ̀.

Ohun tó dáa jù láti béèrè ni èyí tí àwọn ọlọ́jà yìí kórìíra. MetaTrader, tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe tírédì, ní páásíwọ́ọ̀dù méjì. Èkíní ni ẹni tó ni ákáǹtì fi ń ra tó fi ń tà. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní `Investor password`, wíwò nìkan ló gbà láyè. Ẹni tó bá ní i lọ́wọ́ á rí gbogbo ìtàn ákáǹtì náà, kò sì lè fọwọ́ kan kọ́bọ̀. Ẹ sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní èyí tí mo lè fi wo ákáǹtì yín ti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn." Ẹni tó ń jẹ èrè lóòótọ́ kò pàdánù ohunkóhun tó bá fún yín. Tó bá fi àwòrán ránṣẹ́ dípò rẹ̀, ẹ mọ̀ pé àwòrán èrè lórí ákáǹtì ìdánrawò, níbi tí owó kò ti jẹ́ owó, kò nira láti ṣe. Tó bá fún yín, ẹ wo orúkọ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà búrókà tí ákáǹtì náà so mọ́, tó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ máa rí `Demo` nínú rẹ̀.

Ti ọ̀fẹ́ wá ńkọ́? Ọlọ́jà ọ̀fẹ́ máa ń fún yín ní líǹkì kan, ó sì máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti ṣí ákáǹtì. Pẹ̀lú búrókà gidi, ohun tó ń jẹ ni owó ìfọ̀nàhàn: iye ìgbà tí ẹ bá ra tí ẹ bá tà ni búrókà ń san nǹkan fún un, ẹ jèrè o, ẹ pàdánù o. Ìyẹn kì í ṣe olè, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé èrè rẹ̀ wà nínú kí ẹ máa tírédì lójoojúmọ́. Pẹ̀lú búrókà ayédèrú, òun àti búrókà náà máa ń jẹ́ ọwọ́ kan náà. Sígínà rẹ̀ á máa ṣẹ lórí ápù yẹn nìkan, nítorí àwọn ló ń ya ṣáàtì náà. Bó ṣe rí fún màmá nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yẹ ìwé wọn wò lọ́dọ̀ ẹni tó fún wọn, ẹ má wò ó lọ́wọ́ wọn

Wọ́n fi ìwé CAC ránṣẹ́ sí màmá, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fi sínú fáìlì. Ìwé CAC ń sọ pé ilé-iṣẹ́ kan wà, ó ní orúkọ, ó ní àdírẹ́sì. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì lè ní in. Kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti gba owó aráàlú láti fi tírédì. Àwọn tó wà nídìí CBEX náà ní ìwé CAC, wọ́n sì tún ní ìwé SCUML láti ọ̀dọ̀ EFCC, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé EFCC ti fọwọ́ sí i nìyẹn. Ìforúkọsílẹ̀ láti dènà fífi owó àìmọ́ pamọ́ ni SCUML, kì í ṣe àṣẹ láti gba ìdókòwò.

Ní Nàìjíríà, SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò, ló ń fúnni ní àṣẹ yẹn. Òfin ìdókòwò tuntun ti 2025 sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá ń ṣe ètò pọ́ńsì, ìyẹn kí a máa fi owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé san èrè ẹni tó ti wà níbẹ̀, lè san owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù ogún náírà, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, tàbí méjèèjì. Ẹ tẹ `sec.gov.ng` fúnra yín, kí ẹ wá orúkọ wọn nínú àwọn tí SEC forúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ má tẹ líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́, nítorí ojú ewé tó jọ ti SEC kò nira láti ṣe.

Tí wọ́n bá ní òkè òkun ni láìsẹ́ńsì àwọn ti wá, FCA, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ owó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Ẹ tẹ `register.fca.org.uk`, ẹ fi nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀ wá a. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n rí i pé nọ́ńbà náà wà lóòótọ́, ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n padà. Ẹ má tíì padà. Olè máa ń jí nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ gidi lò. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí FCA kọ àdírẹ́sì sáìtì àti nọ́ńbà fóònù ilé-iṣẹ́ náà sí, kí ẹ fi wé èyí tó wà lọ́wọ́ yín, lẹ́tà sí lẹ́tà. Nọ́ńbà tí búrókà màmá kọ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan tó ti wà tipẹ́. Àmì kékeré kan, dáàṣì, ló wà láàárín orúkọ sáìtì ti màmá, kò sí nínú ti òótọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí àyẹ̀wò yìí mọ. Ọ̀pọ̀ búrókà òkè òkun tó jẹ́ ti òótọ́ kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SEC wa, wọ́n sì sábà máa ń fi ọmọ Nàìjíríà sábẹ́ ẹ̀ka wọn tó wà ní erékùṣù bíi Seṣẹ́ẹ̀sì tàbí Mọ̀ríṣọ́ọ̀sì, kì í ṣe sábẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù. Àìsí lórúkọ SEC nìkan kò sọ pé olè ni wọ́n. Ohun tó sọ ni pé tí ìjà bá dé, ẹ ò ní rí ẹni tí ẹ máa fẹjọ́ sùn nílé. Ẹ ka orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ àdéhùn tí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí, orúkọ yẹn ni kí ẹ wá.

Ká tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo ọjọ́ orí sáìtì náà. Ẹ lọ sí `lookup.icann.org`, ẹ tẹ orúkọ sáìtì wọn, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ `Created`. Búrókà màmá kọ ọ́ sójú sáìtì rẹ̀ pé láti 2014 lòún ti ń ṣiṣẹ́. Sáìtì náà kò tíì pé oṣù méje. Ọjọ́ orí kékeré máa ń tú àṣírí. Ọjọ́ orí ńlá kì í wẹni mọ́, nítorí èèyàn lè ra orúkọ sáìtì àtijọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò lò ó mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ lọ wo ohun tí ṣáàtì wọn ṣe lọ́jọ́ Àbámẹ́ta

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ọmọdé sì lè ṣe é. Ọjà owó àgbáyé máa ń tì ní ọjọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá alẹ́ tiwa, gẹ́gẹ́ bí àsìkò bá ṣe wà ní Amẹ́ríkà, kì í sì í ṣí títí di alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Góòlù pẹ̀lú. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, iye Yúrò sí dọ́là gbọ́dọ̀ dúró gbagidi. Ẹ ṣí ápù wọn lọ́jọ́ náà, kí ẹ wo `EURUSD` àti `XAUUSD`. Tí nọ́ńbà bá ń fò sókè sódò, àwòrán ni wọ́n ń yà fún yín.

Bí kò bá jẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ wo ìtàn tírédì, kí ẹ fi ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ wé kàlẹ́ńdà. Nínú fóònù màmá, a rí góòlù tí wọ́n rà ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n sì tà ní aago mẹ́rin pẹ̀lú èrè. Màmá fúnra rẹ̀ ló kà á sókè, ó sì rántí pé ibi òkú kan ní Ìsẹ̀ lòun wà lọ́jọ́ yẹn. Kírípítò kì í sinmi, nítorí náà ẹ má fi bítíkọ́ìnì ṣe àyẹ̀wò yìí. Àwọn búrókà kan sì wà tó ní ọjà tiwọn tó ń rìn lópin ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń fún un ní orúkọ tó yàtọ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ ṣí TradingView, sáìtì tó ń fi iye ọjà hàn, lórí fóònù kejì, kí ẹ gbé `EURUSD` méjèèjì síra wọn ní ìṣẹ́jú kan náà. Ìyàtọ̀ bíńtín kò burú, búrókà kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀. Ìrìn wọn ló gbọ́dọ̀ bára mu: tí ọ̀kan bá já wálẹ̀, èkejì gbọ́dọ̀ já. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ MetaTrader tàn yín jẹ. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n olè náà lè so sáfà tirẹ̀ mọ́ ọn. Ápù tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù bíi fáìlì `.apk`, tí kò sí ní Play Store, ẹ má fi sórí fóònù tí ápù báńkì yín wà rárá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ka orúkọ ẹni tó ń gba owó

Orúkọ tó jáde nígbà tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà ákáǹtì ni kí ẹ kà. Búrókà gidi kì í sábà ní kí ẹ sanwó fún èèyàn kan ní Mínná, tàbí fún ilé-iṣẹ́ tó ń ta aṣọ. Ti màmá, orúkọ obìnrin kan ló wà níbẹ̀, wọ́n ní akápò àwọn ni. Tí wọ́n bá ní USDT, irú owó kírípítò kan, ni àwọn ń gbà, ẹ mọ̀ pé owó tó bá ti lọ lọ́nà yẹn, kò sí báńkì tó lè dá a dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ní kí wọ́n san gbogbo owó náà

Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ó yẹ kí èèyàn gbìyànjú láti gba owó jáde. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé gbígba owó kékeré kò jẹ́ ẹ̀rí ohunkóhun. Ọmọ tó mú màmá wọlé ti gba ₦60,000 jáde. Kò purọ́, owó náà wọlé sí ákáǹtì rẹ̀, ó sì fi rìsíìtì hàn kiri. Owó ìpolówó nìyẹn. ₦60,000 tí wọ́n san fún un ló mú ₦450,000 màmá wá, bóyá ti àwọn mìíràn náà.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kún un, ẹ béèrè gbogbo rẹ̀, owó ìdí àti èrè, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo jókòó ti màmá, a tẹ $2,018. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹni tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn kọ̀wé pé ó kù kó san owó orí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn $302.70, kí owó tó lè jáde. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí náírà ní ₦1,500: ₦454,050. Ó ju gbogbo owó tó kọ́kọ́ mú wá lọ.

Màmá dáhùn bí olùkọ́: "Ẹ yọ ọ́ nínú èyí tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ fi ìyókù ránṣẹ́."

Wọ́n ní ètò àwọn kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Búrókà tó ń gba owó iṣẹ́ máa ń yọ ọ́ nínú owó tó wà nílẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Owó orí sì rèé, ìjọba ni ọmọ Nàìjíríà ń san án fún, kì í ṣe búrókà. Ẹni tó ní kí ẹ mú owó tuntun wá kí òun tó san ti àtijọ́ kò ní ti àtijọ́ náà lọ́wọ́. Orúkọ owó náà máa ń yí padà: owó orí, owó ìfìdímúlẹ̀, owó láti gbé ákáǹtì sókè. Nígbà tí CBEX ń wó lọ, $100 ni wọ́n ní kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó $1,000 san, ẹni tó ju bẹ́ẹ̀ lọ kó san $200, wọ́n ní láti fi hàn pé ákáǹtì wọn jẹ́ ti òótọ́ ni. Àwọn èèyàn san án. Tí wọ́n bá san èyí, òmíràn á tún yọjú.

Tí owó bá ti lọ

Wákàtí àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì. Ẹ pe báńkì yín, kí ẹ sì fẹsẹ̀ ara yín dé ibẹ̀. Ẹ ní wọ́n lù yín ní jìbìtì, ẹ fẹ́ kí wọ́n kàn sí báńkì tó gba owó náà kó dí i mọ́ ibẹ̀. Ẹ mú rìsíìtì dání. Nọ́ńbà gígùn kan wà lórí rẹ̀, ọgbọ̀n díjíìtì, tí wọ́n ń pè ní `Session ID`; òun ni wọ́n fi ń tọ owó lẹ́sẹ̀ láti báńkì kan sí òmíràn. Tí owó bá ṣì wà níbẹ̀, wọ́n lè dì í mú fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè nílò ìwé láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tàbí ilé ẹjọ́ láti dá a padà. Nítorí náà, láti báńkì, ẹ lọ sí oríkò ọlọ́pàá ní Adó lọ́jọ́ kan náà. EFCC ń gba ẹ̀sùn ní `info@efcc.gov.ng`, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí ayélujára sì wà ní `nccc.npf.gov.ng`. Owó oṣù márùn-ún sẹ́yìn, bíi ti màmá, ó ṣòro kó ṣì wà nínú ákáǹtì náà. Ẹ̀sùn náà ṣì wúlò, nítorí orúkọ àti BVN ẹni tó gba owó wà lọ́wọ́ báńkì.

Ẹ má ṣe bínú jáde nínú ẹgbẹ́ Wáàsáàpù náà, ẹ má sì bú ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kí ẹ tó kó ẹ̀rí. Tí wọ́n bá lé yín jáde, nọ́ńbà àwọn tó ń darí ẹ̀ lè má ṣeé rí mọ́. Ẹ lo `Export chat` kí ẹ fi gbogbo ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí íméèlì yín, ẹ ya àwòrán ojú ewé ápù tó ní iye owó àti ìtàn tírédì. Tí wọ́n bá ti ní kí ẹ gbé AnyDesk, ápù tí ẹlòmíràn lè fi darí fóònù yín láti ọ̀nà jíjìn, tàbí irú rẹ̀ sórí fóònù, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì yí gbogbo páásíwọ́ọ̀dù àti pín-ìn báńkì padà láti orí fóònù mìíràn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹnì kan á pè. Á ní agbẹjọ́rò lòun, tàbí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà, á sì mọ orúkọ búrókà náà àti iye tí ẹ pàdánù. Ó mọ̀ ọ́n nítorí pé àwọn tó gba owó yín ló ta orúkọ yín fún un, tàbí pé òun gan-an ni. Á ní òun lè bá yín gbà á padà, owó ìwé kékeré kan ló kù. Wọ́n ti pe màmá. Ó ní kí wọ́n yọ ọ́ nínú rẹ̀.

Ní ti ọmọ tó mú un wọlé, màmá fẹ́ kí ọlọ́pàá mú un. Mo bẹ̀ ẹ́ kó sinmi. Owó ọmọ náà pẹ̀lú wà níbẹ̀, fóònù rẹ̀ ló sì ní nọ́ńbà ẹni tó mú òun gan-an wọlé àti rìsíìtì ₦60,000 náà, tó ní orúkọ àti báńkì ẹni tó san án. Ìyẹn ni ákáǹtì kan tí màmá kò mọ̀. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì jọ wọ mọ́tò láti Ìkẹ́rẹ́ wá sí Adó, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ ní oríkò ọlọ́pàá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sùn kan.